Wọ́n ti yọ owó, kò sì tíì dé: ṣé báǹkì ló jókòó lé e lórí?

Tí ẹ bá ṣe tiransífà sí báǹkì mìíràn, tí wọ́n yọ owó lọ́dọ̀ yín, àmọ́ tí ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí kò rí nǹkan kan, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé báǹkì ti gbé owó náà pamọ́, ó ń fi ṣòwò. Àwọn mìíràn ní owó náà há sójú ọ̀nà. Kò sí owó kankan lójú ọ̀nà o. Ìsọfúnni ló há.

Ẹ jẹ́ ká pe báǹkì tiyín ní Kìíní, ká pe ti ẹni tó fẹ́ gbowó ní Kejì. Kìíní á dín iye tó wà nínú àkáǹtì yín kù, á sì ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó wà láàárín àwọn báǹkì, pé kí Kejì fi iye yẹn kún ti oníbàárà rẹ̀. Àwọn báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń san gbèsè ara wọn lẹ́yìn náà ni, látinú àkáǹtì tí wọ́n ní lọ́dọ̀ báǹkì àpapọ̀. Bí mílíọ̀nù 100 bá lọ láti Kìíní sí Kejì, tí mílíọ̀nù 92 sì padà wá, mílíọ̀nù 8 péré ni Kìíní máa san.

Nínú ètò àtijọ́, ẹ̀yìn ìṣirò yìí ni oníbàárà tó ń rí owó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lálẹ́ Friday fi lè di Monday. Nínú tiransífà ojú ẹsẹ̀, Kejì á kọ́kọ́ fún oníbàárà rẹ̀ lówó, ìṣirò á tẹ̀ lé e.

Kí ló wá ń fa ìdádúró nínú tiransífà ojú ẹsẹ̀? Kìíní ránṣẹ́, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, èsì kò dé. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ Kejì rárá. Ó sì lè jẹ́ pé Kejì ti sanwó, èsì rẹ̀ ló sọnù. Lọ́dọ̀ Kìíní, bákan náà ni méjèèjì rí. Bó bá sáré dá owó yín padà, tí Kejì sì ti sanwó, owó kan náà ti di sísan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Nítorí náà, á tún béèrè lọ́wọ́ Kejì. Bí kò bá tún rí èsì, á dúró de àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ àárín yẹn máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìṣirò. Tí nọ́ńbà tiransífà yín bá wà níbẹ̀ pé wọ́n ti san án, owó ti wọlé. Tí kò bá sí, wọ́n á dá a padà. Báǹkì tó bá ń fi ọ̀la-ọ̀tunla yẹ àkọsílẹ̀ yìí wò jẹ̀bi gidigidi, torí ara oníbàárà ni ìyà rẹ̀ ń dé bá.

Tẹ́ ẹ bá rí “Pending”, ẹ má tíì tún un fi ránṣẹ́, torí méjèèjì lè wọlé. Tó bá jẹ́ “Successful”, èsì ti padà sọ́dọ̀ Kìíní nìyẹn. Ẹ fún ẹni tó fẹ́ gbowó ní nọ́ńbà tiransífà náà, kó mú un lọ bá Kejì.