Bí orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn ṣe ń di orúkọ nǹkan

Ní ọjà obì ní Ṣàgámù, ọ̀tọ̀ ni gbànja, ọ̀tọ̀ ni abàtà. Gbànja kì í ju awẹ́ méjì lọ. Abàtà a máa yọ awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà. Orúkọ ilẹ̀ kan ni gbànja tẹ́lẹ̀, ìyẹn Gọ́ńjà, ní àríwá Gánà. Bẹ́ẹ̀ obì kì í hù ní Gọ́ńjà! Igbó Àṣàńtí ló ti ń wá. Ọjà Sàlágà, tó wà ní ilẹ̀ Gọ́ńjà, ni àwọn oníṣòwò Háúsá ti ń rà á. Ibi tí wọ́n ti ná owó lé e ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí igi rẹ̀ wá ń so ní oko Rẹ́mọ, orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ń rìn nìyí: orúkọ náà á kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mìíràn, bí "obì gbànja". Tó bá yá, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ iwájú, orúkọ á sì dá dúró.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí orúkọ ènìyàn. Buba Marwa ló ṣe gómìnà ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999, ìgbà tirẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọlé. "Kẹ̀kẹ́ Màrúwá" di "Màrúwá", títí dé Ìjẹ̀bú-Òde tí kò ṣe gómìnà rẹ̀ rí. Ti Rudolf Diesel ará Jámánì ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀: ẹ́ńjìnnì ló ṣe, ṣùgbọ́n epo ni awakọ̀ ń bèèrè tó bá ní òun fẹ́ ra dísù.

Ọ̀kadà ṣí nípò lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni. Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú rẹ̀ yìí sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó dá sílẹ̀ ní 1983, àwọn èrò sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú náà pe alùpùpù tó ń sáré la àárín ọkọ̀ kọjá. Ọkọ̀ òfuurufú náà ti kógbá sílé. Alùpùpù ló jogún orúkọ.



Gàrí Ìjẹ̀bú ṣì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rìn pẹ́ nínú àpò kó lè kan, wọn kì í fi epo sí i, wọ́n sì ń jọ̀ ọ́ kó kúnná. Ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ níbòmíràn náà á pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú. Nídìí igbá gàrí, oníbàárà lè ní kí wọ́n wọn Ìjẹ̀bú fún òun, kó sì yé ẹni tó ń tà á. Tó bá kúrò nídìí igbá yẹn, Ìjẹ̀bú tún di ìlú àti ènìyàn.