Ṣé lóòótọ́ ni pé ọrọ̀ ajé tó múlẹ̀ ni òyìnbó gbé lé wa lọ́wọ́?

Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Lágéré, n'Ífẹ̀, bàbá kan ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò lè mọ̀. Ọrọ̀ ajé tó múlẹ̀ ni òyìnbó gbé lé wa lọ́wọ́ ní 1960, àwa la bà á jẹ́." Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó jà á níyàn. A ba nǹkan jẹ́, n ò sẹ́. Èyí tó múlẹ̀ ọ̀hún gan-an ni mi ò rí.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó wò ó. Àgbẹ̀ á fọ́ ọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, á wá sá a títí yóò fi máa dún ṣaka lọ́wọ́. Fún èyí tó pọ̀ jù, iṣẹ́ parí síbẹ̀ nílé. Òkè òkun ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ tí wọ́n ń ṣe é ní ṣokoléètì, ibẹ̀ sì lowó wà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ̀ ọ́ níbí kó tó fi ránṣẹ́, owó ibodè tí Yúróòpù ń gbà lórí kòkó lílọ̀ ga ju ti hóró lọ.

Àgbẹ̀ kì í sì í dá iye lé ọjà rẹ̀. Láti 1947 títí di 1986, bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó ló ń sọ iye tí wọn yóò san fún un. Bí kòkó bá wọ́n lókè òkun, bọ́ọ̀dù á tọ́jú ohun tó bá lé sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954, kòkó wọ́n gan-an, oníkálukú bá ń gbìn. Àmọ́ kòkó kì í ṣe àgbàdo: ó tó bí ọdún márùn-ún kó tó so dáadáa. Nígbà tí tiwa so, ti Gánà náà so, ọjà kún, iye já wálẹ̀ pátápátá ní 1965. Ta ló máa hú igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so?

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú. Owó bọ́ọ̀dù wà lára ohun tí wọ́n ná sórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 àti àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àgbẹ̀ kan náà lowó ọ̀hún ti ń wá. Nígbà tí iye já tí owó orí sì ń ga, Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968.

Ìjọba tún ní ká máa ṣe ohun tí à ń rà lókè òkun nílé ara wa. Iléṣà náà ní ilé iṣẹ́ bíà tirẹ̀ ní 1978. Bíà Ìjẹ̀ṣà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn ọn ti ń wá, dọ́là epo rọ̀bì ni wọ́n sì fi ń rà á. Ìgbà tí iye epo náà já, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá báálì tì. Ní 1988, ìjọba fòfin dè é, ni gbogbo wọn bá yà sọ́dọ̀ ọkà bàbà. Ewéko tó ń mú bíà korò, wọ́n ṣì ń kó o wọlé.