Bí a ṣe ń rí ìlà àyíká tó ká gbogbo àmì mọ́, nípa títò wọ́n tẹ̀ léra

Tí àwọn àmì bá fọ́n káàkiri ojú pẹrẹsẹ kan, tí a wá fi okùn yí gbogbo wọn ká, tí a sì fa okùn náà le, àwọn tó wà ní etí nìkan ni yóò dí i mú, àwọn yòókù yóò sì wà nínú. Àwọn àmì etí wọ̀nyí ni a ń wá. Okùn tí a fà le kì í tẹ̀ wọnú níbì kankan, nítorí náà ẹni tó bá ń tọ̀ ọ́ lọ ní òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí, apá òsì nìkan ni yóò máa yà sí títí yóò fi padà dé ibi tó ti gbéra.

Ní 1972, Ronald Graham gbé ìlànà kan jáde tó ń to àwọn àmì gẹ́gẹ́ bí igun wọn ṣe rí sí àmì kan tí a yàn. Ní 1979, A. M. Andrew ní kí a kàn tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, ìyẹn ni pé èyí tí `x` rẹ̀ kéré jù ni yóò ṣíwájú, bí `x` méjì bá sì dọ́gba, kí a wo `y`. Ti Andrew ni a ó tẹ̀ lé níhìn-ín, nítorí kò sí igun tí a ní láti wọ̀n nínú rẹ̀. A ó lọ láti òsì sí ọ̀tún láti rí etí ìsàlẹ̀, a ó sì padà láti ọ̀tún sí òsì láti rí etí òkè.

Ohun tí títò náà ṣe fún wa ni pé àmì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń wà ní ọ̀tún pátápátá nínú gbogbo èyí tí a ti rí. Kò sí bí kò ṣe ní wà ní etí wọn nígbà náà. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ipò wọn lè yẹ̀, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ìdí sì nìyẹn tí ó fi tó kí a máa wo àmì méjì tó gbẹ̀yìn nìkan. Nínú kóòdù yìí, `pts` ni àwọn àmì tí a ti tò, `h` sì ni àwọn tó ṣì wà ní etí:

```
def cross(o, a, b):
    return (a[0]-o[0])*(b[1]-o[1]) - (a[1]-o[1])*(b[0]-o[0])

h = []
for p in pts:
    while len(h) >= 2 and cross(h[-2], h[-1], p) <= 0:
        h.pop()
    h.append(p)
```

Bí èsì `cross` bá ju òdo lọ, a yà sí òsì. Bí ó bá dín sí òdo, a yà sí ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ òdo gan-an, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì mẹ́fà tí a ti tò: (0,3), (1,1), (2,1), (3,2), (4,0) àti (5,4). Mẹ́rin àkọ́kọ́ wọlé láìsí wàhálà, nítorí èsì 2 àti 1 ni a rí. Ìgbà tí (4,0) dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Èsì rẹ̀ pẹ̀lú (2,1) àti (3,2) jẹ́ -3, nítorí náà (3,2) gbọ́dọ̀ kúrò. A kò tíì ní fi (4,0) sílẹ̀ o: a tún bi í léèrè pẹ̀lú (1,1) àti (2,1), èsì jẹ́ -1, (2,1) náà sì kúrò. Pẹ̀lú (0,3) àti (1,1), èsì di 5, ó wá jókòó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe, tí wọ́n ń kọ `if` dípò `while`, tí àmì kan ṣoṣo fi ń kúrò, tí ìlà wọn sì ń tẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà, (5,4) wọlé pẹ̀lú 13, etí ìsàlẹ̀ sì parí sí (0,3), (1,1), (4,0), (5,4).

Nígbà tí a bá ń padà bọ̀, (5,4), (3,2) àti (2,1) yóò fún wa ní òdo, nítorí orí ìlà kan ni wọ́n wà. Àmì `<=` ló mú kí (3,2) kúrò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ `<` ni, àwọn àmì tó wà láàárín ìlà náà yóò dúró. Níkẹyìn, (0,3) lé gbogbo èyí tó wà láàárín òun àti (5,4) lọ, àmì mẹ́rin péré ló sì kù ní àyíká.

Bí ó tilẹ̀ jọ pé `while` inú `for` yóò fa iṣẹ́ gùn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àmì kọ̀ọ̀kan ń wọlé nínú ìrìn kan, kò sì lè jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Títò ló gba àkókò jù, ìyẹn `n log n`.

Àṣìṣe tó ṣòro jù láti rí wà nínú ìsọdipúpọ̀. Bí `x` àti `y` bá lè wà láti -100,000 dé 100,000, ìyàtọ̀ méjì lè tó 200,000, ìsọdipúpọ̀ wọn yóò sì jẹ́ 40,000,000,000, nígbà tí nọ́ńbà oní-bíìtì 32 kò lè kọjá 2,147,483,647. Àmì ìṣirò náà lè wá yí padà láìsí ìkìlọ̀, kí òsì di ọ̀tún. Láti mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi bíìtì 64 ṣe `cross` gbogbo àmì pẹ̀lú ìlà kọ̀ọ̀kan nínú èsì: bí ẹyọ kan ṣoṣo bá dín sí òdo, àmì kan ti bọ́ sí ìta.