Igbó ẹ̀gbà: ibi tí edé ti ń dàgbà, tí ìgbì sì ti ń rọ̀

Igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀, níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti ń pàdé, ni ẹ̀gbà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní mángúrófù. Gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ láti ara igi lókè, á tẹ̀ kọdọrọ kó tó wọlẹ̀. Apá tó wà lókè omi yìí ló fi ń mí, torí pé ẹrẹ̀ náà kò ní afẹ́fẹ́ nínú.

Ẹ wo edé. Inú òkun ló ń yé ẹyin sí, àmọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, omi tó ń kún á gbé e wọ inú ọ̀sà. Àárín gbòǹgbò ẹ̀gbà há, ẹja ńlá kò lè lé e débẹ̀. Ewé tó bá já á jẹrà sínú omi, àwọn ohun tíntìntín á jẹ ẹ́, edé á sì jẹ àwọn náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á padà sí òkun.

Gbòǹgbò kan náà ló ń gba agbára ìgbì. Omi á máa kọlu wọn, eré rẹ̀ á dínkù, ẹrẹ̀ tó gbé wá á rọ̀ sílẹ̀. Igbó tó fẹ̀ tó 100 mítà lè dín gíga ìgbì kù láti ìdá 13 sí 66 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ìgbì yàtọ̀ sí ìgbà tí ìjì bá ti òkun wọ ìlú. Fún ìyẹn, igbó tó fẹ̀ ní odindi kìlómítà kan kì í sábà dín gíga omi kù ju ìdajì mítà lọ. Ẹni tó bá gbin ìlà igi kan ṣoṣo, tó sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìjì, ń tan ara rẹ̀.

Ní Demak, ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà, wọ́n gé ẹ̀gbà kí wọ́n lè gbẹ́ adágún tí wọ́n á ti máa sin edé. Òkun wọlé, ó gbé adágún náà lọ. Gbígbin igi padà kò rọrùn: níbi tí ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù, omi á bo ọ̀dọ́ igi pẹ́, kò ní lè mí, ìgbì á sì hú u. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ri òpó sínú omi ní ìlà méjì, wọ́n sì ki ẹ̀ka igi sáàárín. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ga tó, èso ẹ̀gbà tó léfòó wá á hù fúnra rẹ̀.

Àwọn kòkòrò inú òkun ń jẹ òpó náà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Èyí tó tún le jù ni pé àwọn èèyàn àti ilé iṣẹ́ ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ sì ń rì. Ní àwọn ibì kan, ó ń rì ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lọ́dún. Ẹrẹ̀ tí òpó àti ẹ̀ka igi náà ń kó jọ kì í lè bá a dọ́gba níbẹ̀, bí igi ti wù kó pọ̀ tó.