Gaàrí wọ́n, owó pọ̀: bí wọ́n ṣe ń tún lẹ́tà ọ̀gá àgbà sí àwọn onípìn-ín ṣe

Ká mú ilé-iṣẹ́ gaàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọdọọdún rẹ̀ pé: "Ọdún ńlá lèyí jẹ́ fún wa. Owó tó wọlé fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i."

Irọ́ kọ́. Mílíọ̀nù 500 náírà ló wọlé lọ́dún tó kọjá, ó di mílíọ̀nù 600. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún lẹ́tà náà ṣe á kọ́kọ́ bèèrè iye gaàrí tí wọ́n tà àti iye tí wọ́n tà á. Lọ́dún tó kọjá, tọ́ọ̀nù 1,000 ni, N500,000 ni tọ́ọ̀nù kan. Lọ́dún yìí, 800 péré ni, N750,000 ni tọ́ọ̀nù kan. Ọjà dín kù, ọ̀wọ́n gaàrí ló gbé owó sókè. Ìyá tó ń ra gaàrí l'Ókè-Ajé, tó sì ní ìpín díẹ̀ nílé-iṣẹ́ náà, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí lẹ́tà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, "ọdún ńlá" á jáde, iye owó àti iye tọ́ọ̀nù á sì jókòó pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Kí ló wá dé tí ó fi di 800? Lẹ́tà ní "àwọn ìpèníjà kan wáyé, ọrọ̀ ajé ò sì rọgbọ." Ibí gan-an niṣẹ́ wà, torí ìpèníjà yìí ò ní ẹni tó fà á, kò ní ọjọ́, kò ní iye. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sọ nǹkan mìíràn: ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tó ń yan gaàrí jó, kò sí òmíràn nípamọ́, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nínú méjìléláàádọ́ta sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún, ohun tí ọjà sì fi dín kù náà nìyẹn. Ọrọ̀ ajé le lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló jó ẹ́ńjìnnì.

Gbólóhùn tuntun á wá kà báyìí: "Ẹ́ńjìnnì wa jó ní oṣù Kẹta. Èmi ni mo ní ká má ra òmíràn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá la ò fi yan gaàrí. A ti ra méjì báyìí." Kò sí "ẹ forí jì wá" níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní iye nínú, ọ̀ṣọ́ lásán ni, bíi "ọdún ńlá" àkọ́kọ́ yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé lẹ́tà ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ìlérí kan wà níbẹ̀: ilé ìkẹ́rùsí ní Ṣàgámù, tí yóò ṣí kí ọdún tó parí. Lẹ́tà tuntun ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ á rí i kíá, ó sì dàbí ẹni pé àwọn àgbà onípìn-ín kì í ju lẹ́tà nù. Gbólóhùn kan péré ló kù láti fi kún un: "Ilé ìkẹ́rùsí Ṣàgámù kò tíì bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ la fi ra ẹ́ńjìnnì."