Ṣíṣọ́ ìbárìn láàárín àwọn ìdókòwò

Ṣíṣọ́ ìbárìn ìdókòwò ni kí èèyàn máa wọn bí owó tó ń wọlé láti ara oríṣiríṣi ìdókòwò ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, kí ó sì máa tún un wọ̀n lóòrèkóòrè. Ohun tí wọ́n fi ń wá ni ewu àkójọ-sójúkan tó fara pamọ́: òwò mẹ́rin tàbí márùn-ún tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ibẹ̀ kò hàn nínú ìwé owó, nítorí pé ohun tí a dókòwò lé ni ìwé owó ń kọ, kì í kọ ohun tó ń gbé e ró.

Ìwọ̀n ìbárìn kì í ju 1 lọ, kì í sì í kéré sí −1. Bí ó bá jẹ́ 1, òwò méjèèjì ń lọ pọ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá jẹ́ 0, ìrìn ọ̀kan kò sọ nǹkan kan nípa ìrìn èkejì. Bí ó bá jẹ́ −1, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀. Francis Galton ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní ọdún 1888, Karl Pearson ló sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe sí bí a ti ń lò ó. Ní ọdún 1952, Harry Markowitz fi hàn pé ewu tó wà nínú àkójọ ìdókòwò kò dúró lórí ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nìkan, pé bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn wà lára rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí a kàn fi ṣàlàyé, tí owó rẹ̀ wà níbi mẹ́rin ní ìdọ́gba: ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà nítòsí géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bọ́ọ̀sì kékeré méjì tó ń ná Lágere sí géètì náà, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì, àti owó tí wọ́n yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n ń yọ padà nínú owó oṣù wọn. Lójú akápò, ilé, ọkọ̀, ọjà àti owó yíyá nìyẹn. Ó ti pín owó síbi tó pọ̀ tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ìjọba àpapọ̀ tún dá owó oṣù àwọn olùkọ́ tó ń yanṣẹ́ lódì dúró. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú ìdókòwò yìí nígbà náà, èrò ọkọ̀ rẹ̀ á dín kù, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì á dákẹ́, kò ní sí owó oṣù tí wọ́n á ti yọ gbèsè, ayálégbé tí ọdún rẹ̀ bá sì pé kò ní kánjú san òmíràn. Géètì kan ṣoṣo ló tì.

Ohun tí a ń wọ̀n

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á kó iye náírà tó wọlé lóṣooṣù sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì ní kó ṣírò ìbárìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ngógó ń sọ gbogbo iye náírà di ńlá lọ́dọọdún, nítorí náà òwò tí kò bá ara wọn tan rárá á dà bí ẹni ń lọ pọ̀. Ìgbà ọdún náà tún wà níbẹ̀: oṣù ìwọléẹ̀kọ́ á gbé gbogbo wọn sókè. Ọ̀nà tó rọrùn láti yọ méjèèjì kúrò ni kí a fi oṣù kọ̀ọ̀kan wé irú oṣù bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kọjá, kí a tó wá ṣírò ìbárìn láàárín ìyípadà tó jáde. Bí oṣù kìíní ọdún àkọ́kọ́ bá wà ní ìlà 2, báyìí ni a ó ṣe kọ ọ́:

```
=C14/C2-1
=CORREL(H2:H13,I2:I13)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń mú ìyípadà oṣù kan jáde; a ó kọ ọ́ sí H2, a ó sì fà á dé H13, a ó wá ṣe bákan náà fún òwò kejì ní I. Èkejì ń wọn ìbárìn òwò méjì fún oṣù 12.

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń san owó ilé, nítorí náà ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ohun tó ń yí padà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìbárìn rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ á sì jáde bí 0. Ìbàlẹ̀ ọkàn tí nọ́ńbà yẹn ń fúnni, irọ́ ni. Iye yàrá tí èèyàn ń gbé lóṣù kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí a kà dípò owó.

Òwò mélòó ni mẹ́rin jẹ́ gan-an?

Bí òwò bá dọ́gba ní iye owó àti ní bí wọ́n ṣe ń mì tó, a lè mọ iye òwò tó dá dúró gan-an, tí N jẹ́ iye wọn, tí r sì jẹ́ ìbárìn wọn ní àròpín:

```
N / (1 + (N - 1) × r)
```

Ká ní r jẹ́ 0.15 ní àkókò tí ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa. Òwò mẹ́rin náà á jẹ́ 2.76, èyí tí kò burú. Ká ní ó wá gòkè sí 0.7 lẹ́yìn tí ìyanṣẹ́lódì wọ inú oṣù tí a kà. Mẹ́rin di 1.29. Bí ìgbìmọ̀ bá fi ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rún kún un nítòsí géètì kan náà, tí ìbárìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù jẹ́ 0.7, òwò márùn-ún á jẹ́ 1.32 péré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òwò kòkó lápá Ifẹ̀tẹ̀dó ni wọ́n fi kún un, tí ìbárìn rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin ìṣáájú sì jẹ́ 0, iye náà á di 1.87. Kòkó ní ewu tirẹ̀, ó sì lè le. Àmọ́ ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti Niú Yọ́ọ̀kì ni iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé, kò bá géètì ṣe nǹkan kan.

Oṣù tí a kà àti oṣù tí a gbàgbé

Ọ̀pọ̀ ló ń lo oṣù 12 tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń yọ oṣù àtijọ́ kúrò bí tuntun ṣe ń wọlé. Ọ̀nà yìí máa ń tètè rí ìyípadà, ṣùgbọ́n ó máa ń gbàgbé. Bí oṣù ìyanṣẹ́lódì bá ti jáde tán, nọ́ńbà á sọ̀ kalẹ̀, akápò á sì ròyìn pé ewu ti dín kù, nígbà tó jẹ́ pé kò sí òwò kan tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Nítorí náà, ó yẹ kí ìṣirò kejì wà tí a kì í yọ oṣù kankan nínú rẹ̀, kí a sì máa ka méjèèjì pọ̀. Bí ti oṣù 12 bá kéré, tí ti ìgbà gígùn sì ga, ewu náà wà níbẹ̀. Kò kàn tíì jí ni.

Iye oṣù tún ní ohun tó ń sọ. Bí òwò méjì kò bá tan mọ́ ara wọn rárá, èèṣì lásán lè mú ìbárìn tó tó 0.4 jáde láti inú oṣù 24, ó sì lè tó 0.6 bí oṣù bá jẹ́ 12. Ẹni tó bá torí 0.3 ta bọ́ọ̀sì ti yára jù. Bákan náà, 0.1 kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé òwò méjì kò tan.

Fún ìdí èyí, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi nọ́ńbà nìkan dájọ́. Wọ́n á kọ orúkọ ohun tó ń gbé òwò kọ̀ọ̀kan ró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì béèrè pé bí géètì bá tì fún oṣù mẹ́jọ, èló ló máa wọlé lóṣù kẹta, èló lóṣù kẹfà. Fún ẹgbẹ́ tí a mú yìí, ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ni ìyà á kọ́kọ́ jẹ, gbèsè àwọn olùkọ́ á tẹ̀ lé e ní kété tí owó oṣù bá dúró, owó ilé ni yóò sì kẹ́yìn, nígbà tí ọdún ayálégbé bá pé.