Owó àwọn àgbẹ̀ Ìkọ̀lé lé sókè, àmọ́ owó ẹnì kankan ò lé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mò ń ṣe ìwádìí lórí owó tó ń wọlé fáwọn àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Súpáfáísọ̀ mi ní tó bá di ọdún mẹ́ta sí i, àwọn tí mo bi léèrè báyìí náà ni kí n padà lọ bá, kí n má mú ẹlòmíì. Kí ló dé? Táwọn kan ò bá sì sí nílé mọ́ ńkọ́, ṣé kí n kàn yọ wọ́n?

Ìdáhùn: Yíyọ yẹn gan-an ni wàhálà, àbúrò, àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn súpáfáísọ̀ ẹ. Tóo bá mú ilé 100 lónìí, tóo tún lọ mú 100 míì nígbà yẹn, tó wá jẹ́ pé 40 ni tálákà nígbà méjèèjì, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kan náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni sọ́fè ìlera tíjọba àpapọ̀ ṣe ní 2013 àti 2018 ṣe rí, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣa ilé tuntun, ó dáa téèyàn bá fẹ́ mọ bí ìlú lápapọ̀ ṣe ń yí. Èyí tó ń padà sílé kan náà là ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì.

Ó dáa, ká ní ilé 100 lo fi bẹ̀rẹ̀. 60 ń rí 40,000 náírà lóṣù, 40 ń rí 20,000, tóo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ tóo pín in dọ́gba, 32,000 ni. Ọdún mẹ́ta kọjá, kọ́bọ̀ ò kún owó ẹnì kankan, àmọ́ 20 nínú àwọn tó ń rí 20,000 ti kó lọ Èkó àti Àkúrẹ́ (ẹni tí oko ò gbè náà ló máa ń tètè gbéra). Ilé 80 ló kù, pín in dọ́gba, ó ti di 35,000! Wàá wá kọ ọ́ pé àgbẹ̀ Ìkọ̀lé ti ń lówó sí i.

Láti mọ̀ bóyá àwọn tó lọ ló fà á, mú àwọn 80 tó kù, padà lọ wo ohun tí wọ́n sọ lọ́dún àkọ́kọ́. 35,000 náà ni wàá bá níbẹ̀, kì í ṣe 32,000. Ẹni tó lọ yàtọ̀ sẹ́ni tó dúró nìyẹn. Torí ẹ̀ ni iye èèyàn tó já kúrò nínú ìwádìí nìkan ò fi tó ẹ̀rí pé èsì ẹ̀ ti wọ́: pánẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968 ti pàdánù bí ìdajì èèyàn ẹ̀ nígbà tó fi máa di 1989, síbẹ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní èsì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́.

Tìẹ, ka ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 20 tálákà tó kù sí ilé méjì, ìṣirò ẹ á padà sí 32,000. Àmọ́ ìyẹn gbà pé àwọn tó lọ jọ àwọn tó kù. Tó bá jẹ́ pé oko wọn jóná lẹ́yìn tóo kúrò lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ṣe lọ, kò sóhun tó máa fi hàn ẹ́ nínú ìwé ọdún àkọ́kọ́, ìṣirò ò lè gbà ẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, látòní lọ, gba nọ́ńbà fóònù wọn, tún gba ti ẹbí méjì tí kò sí nínú ilé yẹn, kóo sì máa pè wọ́n lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá ti kó lọ Àkúrẹ́, wọ mọ́tò kóo lọ bá a níbẹ̀.